Mo gé ọ̀rọ̀ ìyá olóbì kúrú, wọ́n ní mo ti yí i padà

Àdùkẹ́_Ṣágámù · ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fọ̀rọ̀ wá ìyá olóbì kan lẹ́nu wò nítòsí Sábó fún ètò rédíò wa. Ìṣẹ́jú 52 ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ni àyè tí mo ní. Àná, ọmọ ìyá pè mí pé ìyá ò jẹun láti ìgbà tí ètò ti jáde, pé ohun tí àwọn sọ kọ́ ni ayé gbọ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ẹ wo ibi tí ìjà wà.

Bí ó ṣe lọ gan-an nìyí. Mo bi wọ́n pé: “Ìyá, àwọn kan ń sọ pé oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń fi sí obì. Ṣé òótọ́ ni?”

Ìyá ní: “Háà.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Wọ́n ní wọ́n ń fi sí i. Èmi ò rí wọn. Ẹni tó fẹ́ kí obì òun dé Kánò láìjẹrà, ṣé kò ní wá nǹkan ṣe sí i ni? Ọ̀nà jìn. Èmi, lọ́dún tí ọmọ mi ọkùnrin ń ṣòjòjò, tí mi ò lè wá sí ìsọ̀, ẹnì kan bá mi fi sí i. Mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo mọ̀, agbọ̀n mẹ́ta ni mo kó dànù. Látìgbà yẹn, ewé ni, omi ni, ọwọ́ ni.”

Èyí tí mo gbé sórí afẹ́fẹ́: “Wọ́n ń fi sí i. Ọ̀nà jìn. Èmi, lọ́dún tí ọmọ mi ọkùnrin ń ṣòjòjò, tí mi ò lè wá sí ìsọ̀, ẹnì kan bá mi fi sí i.”

Níbo ni mo ti ṣì í? Báwo ni èèyàn ṣe ń gé irú ọ̀rọ̀ yìí tí kò fi ní dà bí irọ́?

---

Déjì_Fáìlì · 9:02 àárọ̀

Àǹtí Àdùkẹ́, kò le rárá. Ẹ má gé nǹkan kan mọ́. Ẹ ṣí i nínú Audacity, ẹ sọ ọ́ di mono, kí ẹ wá gbé e jáde bíi MP3 ní 64 kbps. Ìṣẹ́jú kan kò ní ju ìdajì MB lọ. Ìṣẹ́jú 52 yẹn, bíi MB 25 ni yóò jẹ́, WhatsApp á gbé e.

---

Àdùkẹ́_Ṣágámù · 9:10 àárọ̀

Déjì, o ṣeun, àbúrò mi. Kì í ṣe pé fáìlì náà tóbi. Àkókò ló kéré. Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fún mi, ìròyìn sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

---

Olóhùn_Ìkẹ́nnẹ́ · 9:31 àárọ̀

Ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí rèé, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n wà lọ́dọ̀ mi. Má gé láàrin gbólóhùn. Bí o bá fẹ́ yọ nǹkan, yọ gbólóhùn odindi. Nígbà tí o yọ “wọ́n ní” kúrò lára “wọ́n ní wọ́n ń fi sí i”, o ti fọ gbólóhùn ìyá sí méjì. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ wà. Àwọn yòókù, odindi gbólóhùn ni, ẹnu ìyá ni wọ́n sì ti jáde. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ wí lórí ìyẹn.

---

Bàbá_Tépù · 10:15 àárọ̀

Àdùkẹ́, ọmọ mi, mo kí ọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ yìí ni mo fi jẹun láti ìgbà tí a ti ń fi abẹ gé tépù tí a sì ń fi gọ́ọ̀mù so ó. Tépù wa nígbà náà ń sáré ínǹṣì 7.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. “Wọ́n ní” tí o yọ yẹn, bí mo bá wọ̀n ọ́n, ínǹṣì mẹ́ta ni, kò ju gígùn ìka àárín lọ. À bá ti gbá a dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí ilẹ̀. Ohun tí ínǹṣì mẹ́ta yẹn gbé lọ ni ọ̀nà tí ìyá gbà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Pẹ̀lú “wọ́n ní”, ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni wọ́n. Láìsí i, ẹni tó fojú rí i ni wọ́n di.

Olóhùn rí ìyẹn, ó sì gbà á dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. “Èmi ò rí wọn”, odindi gbólóhùn ni. “Mi ò mọ̀”, odindi gbólóhùn ni. Àdùkẹ́ yọ méjèèjì bí Olóhùn ṣe ní kí a máa yọ wọ́n, àwọn gan-an ló sì fọ́ ọ̀rọ̀ náà jù. Gbólóhùn kan lè pé pérépéré kó sì jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di gbólóhùn tó wà níwájú rẹ̀ mú.

Ẹ wo “bá mi” yẹn. Bí mo bá sọ pé “ó bá mi gbé ẹrù”, ìrànlọ́wọ́ ni, mo sì dúpẹ́. Bí mo bá sọ pé “ó bá mi ba nǹkan jẹ́”, kò sẹ́ni tó rò pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń sọ èyí tí ó jẹ́. Ìyá ní “ẹnì kan bá mi fi sí i. Mi ò mọ̀.” Ìgbà tí o gé “mi ò mọ̀”, ẹni tó ṣe ìyá níbi di ẹni tó ràn ìyá lọ́wọ́.

Mo ní ìbéèrè kan kí n tó tẹ̀ síwájú. Kí ni olóòtú sọ lórí afẹ́fẹ́ kí ohùn ìyá tó wọlé? Mi ò rí ìbéèrè rẹ nínú èyí tó jáde.

---

Àdùkẹ́_Ṣágámù · 10:48 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Mo yọ ìbéèrè mi nítorí ó gùn. Mo tún ohùn mi gbà nílé: “Báwo ni àwọn olóbì Ṣágámù ṣe ń tọ́jú obì kí ó tó dé òkè Ọya? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó ti ń tà á láti ọmọdé.” Ìyá sọ bí wọ́n ṣe ń rẹ obì sómi kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó làágùn nínú agbọ̀n. Mo wá fi ohùn mi sọ pé “Ní ti oògùn apakòkòrò”, ibi tí mo bọ́ sí ni “Wọ́n ń fi sí i.”

Ohun tí mo fi yọ “agbọ̀n mẹ́ta ni mo kó dànù”: ọkọ̀ àjàgbé kan fun fèrè lé e lórí gan-an. A gbọ́ “agbọ̀n” díẹ̀díẹ̀, a ò gbọ́ “dànù” rárá.

---

Ìyá_Ìbejì_Ìpẹ́rù · 11:20 àárọ̀

Mo gbọ́ ètò náà. Mò ń yan obì lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dún létí mi. Ìwọ ní kí a gbọ́ bí àwọn olóbì Ṣágámù ṣe ń tọ́jú obì. Ìyá sọ̀rọ̀ omi, wọ́n sọ̀rọ̀ agbọ̀n, wọ́n wá ní “wọ́n ń fi sí i”. Ta ni “wọ́n”? Àwọn olóbì Ṣágámù tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ni! Èmi náà wà nínú wọn. Kì í ṣe ìyá nìkan ló ní ẹjọ́ sí ọ lọ́rùn. Oníbàárà mi kan láti Sábó bi mí lọ́jọ́ kejì bóyá obì mi dáa láti jẹ. Láti ìgbà tí mo ti ń tà á fún un, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò bú ọ o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n obì kì í ṣe nǹkan tí à ń sè. Bí a ṣe rà á ni à ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ pé oògùn wà lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní ṣí fún un mọ́.

---

Bàbá_Tépù · 12:05 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, ẹ ti sọ ọ́ dáadáa ju bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lọ.

Àdùkẹ́, ohun tí mo ń wá náà nìyẹn. “Wọ́n” wa yìí kò lórúkọ. Ó lè jẹ́ èèyàn púpọ̀, ó lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo, ó lè má jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a dárúkọ kẹ́yìn ló máa ń lẹ̀ mọ́. Nínú ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́, “àwọn kan” ni “wọ́n”. Nínú èyí tó jáde, gbogbo olóbì ìlú ni. Ìyá ò yí padà, gbólóhùn wọn ò sì yí padà, ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ni o pààrọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. O bi wọ́n bóyá ẹ̀sùn kan jẹ́ òótọ́. Lórí afẹ́fẹ́, a gbọ́ wọn tí wọ́n ń kọ́ wa bí a ti ń ṣe é.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012. George Zimmerman, ẹni tó yìnbọn pa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Trayvon Martin, ti kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá lórí fóònù. Ó ní ó jọ pé ẹni náà ní iṣẹ́ ibi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹni tó gba ìpè náà bi í bóyá aláwọ̀ funfun ni tàbí dúdú tàbí Hìsípáníìkì, ó sì dáhùn pé ó jọ aláwọ̀ dúdú. Tẹlifíṣàn NBC yọ ìbéèrè yẹn àti ohun tó wà láàrin, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ rò pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé nítorí pé ọmọ náà dúdú ni òun ṣe fura sí i. NBC tọrọ àforíjì, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan níbẹ̀. Ohun yòówù kí èèyàn rò nípa ọkùnrin náà, ìdáhùn sí ìbéèrè ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ tó sọ láìsí ẹni tó bi í.

Nítorí náà, Àdùkẹ́, bí ìbéèrè bá gùn, ó tọ́ kí o dín in kù. O lè tún un sọ lóhùn ara rẹ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n dáhùn. “Mo bi ìyá bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn kan ń sọ nípa oògùn”, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni.

Ní ti fèrè ọkọ̀, mo mọ̀ pé o dunnú pé o rí ìdí láti gé e. Gbogbo wa la ti ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá bo ọ̀rọ̀ tó di gbogbo rẹ̀ mú, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Padà lọ bá ìyá kí wọ́n tún un sọ. Tàbí kí ìwọ fi ohùn tìrẹ sọ ọ́: “Ìyá ní nígbà tí àwọn mọ̀, agbọ̀n mẹ́ta ni àwọn kó dànù.” Tàbí kí o yọ gbogbo ọ̀rọ̀ oògùn kúrò, láti “háà” títí dé “ọwọ́ ni”, kí a má gbọ́ ọ rárá. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè kúrú kó sì pé, odindi rẹ̀ ni kó lọ.

---

Olóhùn_Ìkẹ́nnẹ́ · 12:40 ọ̀sán

Bàbá, mo gbà ní ti “mi ò mọ̀”. Ẹ ti ṣí mi lójú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbà pé “ẹ̀ẹ̀”, “háà” àti ìdákẹ́jẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Àwọn nìkan ni mo máa ń yọ. Nínú ìṣẹ́jú 52, mo lè rí ìṣẹ́jú mẹ́fà gbà nínú “ẹ̀ẹ̀” nìkan, kò sì sí ẹni tó máa sunkún.

---

Akọ̀wé_Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ · 1:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mú tèmi wá, nítorí ìwé ni tiwa, kì í ṣe ohùn. Èmi ni mò ń kọ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa tí a máa ń pín nígbà Ojúde Ọba. Ní ọdún kan, mo fọ̀rọ̀ wá bàbá àgbà kan lẹ́nu wò nínú ẹgbẹ́. Bàbá ní: “Ẹgbẹ́ wa ló kọ́kọ́ fi àrán dá aṣọ ẹgbẹ́, bí mo bá rántí dáadáa.” Àyè ò tó lójú ìwé, mo yọ “bí mo bá rántí dáadáa”. Ẹgbẹ́ mìíràn wá sílé bàbá pẹ̀lú fọ́tò àtijọ́. Ojú ti bàbá. Wọ́n ní, “Èmi ti sọ pé bóyá mo rántí.” Òótọ́ ni, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kejì tó ń dùn mí: Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni bàbá ń sọ, mo sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn lè kà. Ibi tí bàbá ti fi ọ̀rọ̀ líle sọ̀rọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ tútù rọ́pò rẹ̀ kó lè dùn ún kà. Ṣé gígé náà nìyẹn, àbí nǹkan mìíràn ni? Mi ò tíì rí ẹni bi.

Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè rí ojú àpá. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

---

Bàbá_Tépù · 2:30 ọ̀sán

Akọ̀wé, ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá irú ẹjọ́ yìí lọ́dún 1991. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Masson ló pe ìwé ìròyìn New Yorker lẹ́jọ́, pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí òun ò sọ sáàrin àmì àyọlò. Ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò gbọ́dọ̀ rí gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu, nítorí gbogbo oníròyìn ló ń tún gírámà ṣe. Ohun tí wọ́n ní kí a wò ni bóyá àtúnṣe náà yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ní ọ̀nà tó nípọn. Òfin tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ọ láti fi wọn ara rẹ. Kíkọ Ìjẹ̀bú sí Yorùbá àjùmọ̀lò, mo gbà á, bí o bá ti sọ fún òǹkàwé pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe. Ọ̀rọ̀ líle tí o sọ di tútù, mi ò gbà á. Bàbá bínú, kí òǹkàwé rí i pé bàbá bínú. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le jù fún ojú ìwé, yọ ọ́ kúrò nínú àmì àyọlò, kí o wá fi ọ̀rọ̀ tìrẹ sọ pé inú bí bàbá.

Olóhùn, ọmọ mi, o ń sọ òótọ́ ní ti “ẹ̀ẹ̀” mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn “háà” ìyá yẹn, ẹ ti ka ìdákẹ́jẹ́ náà bí? Àdùkẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni?

---

Àdùkẹ́_Ṣágámù · 2:41 ọ̀sán

Mẹ́rin, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó.

---

Bàbá_Tépù · 3:20 ọ̀sán

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lẹ́nu olóbì tí a bi ní ọ̀rọ̀ oògùn. Ìyá ń rò bóyá kí àwọn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wu ìyá láti sọ kọ́. Bí o bá yọ ọ́ pátápátá, ó dún bí ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Mi ò ní kí o fi mẹ́rin sílẹ̀ lórí rédíò, nítorí àwọn kan á rò pé ẹ̀rọ ti kú. Fi ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú “háà” náà. Ẹni tó ń gbọ́ á mọ̀ pé wọ́n ronú.

Bí o bá dín in, má fi òfo dí i. Ìdákẹ́jẹ́ inú ìsọ̀ kì í ṣe òfo. Ọjà ń dún níbẹ̀, ìgbálẹ̀ ń gbálẹ̀, ẹ̀rọ ń bú lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tó o bá lọ gba ohùn, kí o tó kúrò, sọ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n dákẹ́, kí o gba ìṣẹ́jú àáyá 30 ohùn ibẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀. Òun lo máa fi dí ojú ibi tí o bá gé. Bí kò bá sí, ibi tí o gé á dún bí ìgbà tí wọ́n pa fèrèsé dé lójijì.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀, nítorí èdè tiwa ni. Bí a bá ń sọ gbólóhùn kan, ohùn wa máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ títí dé òpin. Ohùn òkè tó wà ní ìparí gbólóhùn kì í ga tó ohùn òkè tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá yọ ìdí gbólóhùn kan tí o sì fi ṣe orí gbólóhùn mìíràn, etí á mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ irú èyí lórí rédíò, mo máa ń mọ̀ pé wọ́n ti gé e, kódà bí mi ò mọ ohun tí wọ́n yọ. Ó burú jù níbi tí ẹ ti ń fi ìparí ohùn kan wọnú ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. “Mi ò mọ̀”: “ò” yẹn, fáwẹ́lì kan péré, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Bí o bá jẹ́ kí ohùn méjì wọnú ara wọn jù níbẹ̀, “ò” á rì, “mi ò mọ̀” á sì fẹ́ dún bíi “mo mọ̀”. Bákan náà ni “ṣé”. Gé e kúrò níwájú “wọ́n ń fi sí i?”, ìbéèrè ti di ẹ̀rí.

---

Olóhùn_Ìkẹ́nnẹ́ · 3:52 ọ̀sán

Mo gbọ́, Bàbá. Ní ti ìdákẹ́jẹ́, ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ẹ ní ìyá ń rò bóyá kí àwọn sọ ọ́. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó lè jẹ́ pé oníbàárà ló kọjá tí wọ́n wò ó. Bí ẹ bá fi ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀, ẹ̀yin náà ti fún un ní ìtumọ̀.

---

Bàbá_Tépù · 4:05 ọ̀sán

Ìbéèrè gidi ni. Àdùkẹ́ ló wà níbẹ̀, òun ló lè sọ.

---

Àdùkẹ́_Ṣágámù · 4:18 ọ̀sán

Mi ò rántí. Mò ń wo máíkì.

---

Àdùkẹ́_Ṣágámù · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:55 àárọ̀

Mo ṣe iṣẹ́ lálẹ́ àná. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá sílẹ̀ lórí ìwé. Ní ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ̀nà tí ìyá gbà mọ̀ ọ́n: wọ́n gbọ́, wọ́n rò ó, tàbí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán, ojú ti mí. “Wọ́n ní wọ́n ń fi sí i” jẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́. “Ṣé kò ní wá nǹkan ṣe sí i ni” jẹ́ ohun tí wọ́n rò. Ọ̀rọ̀ ẹni tó bá wọn fi sí i àti agbọ̀n mẹ́ta nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nínú èyí tí mo gbé jáde, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ohun tó ṣẹlẹ̀. “Ọ̀nà jìn” tí wọ́n fi ń gbé èrò wọn lẹ́sẹ̀, mo ti sọ ọ́ di àwáwí wọn.

Mo tún pe ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí kò gbọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà rí. Mo fi èyí tó jáde sí i létí lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó sọ fún mi ohun tí ìyá sọ. Ó ní, “Ìyá ní àwọn máa ń fi oògùn sí obì nítorí ọ̀nà òkè Ọya jìn.” Kò ṣiyèméjì rárá.

Mo wá tún un gé. Bó ṣe rí báyìí nìyí:

Èmi: “Mo bi ìyá bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn kan ń sọ, pé oògùn apakòkòrò wà nínú obì.”

Ìyá: “Háà… Wọ́n ní wọ́n ń fi sí i. Èmi ò rí wọn.”

Ìyá: “Èmi, lọ́dún tí ọmọ mi ọkùnrin ń ṣòjòjò, tí mi ò lè wá sí ìsọ̀, ẹnì kan bá mi fi sí i. Mi ò mọ̀.”

Èmi: “Ìyá ní nígbà tí àwọn mọ̀, agbọ̀n mẹ́ta ni àwọn kó dànù.”

Ìyá: “Látìgbà yẹn, ewé ni, omi ni, ọwọ́ ni.”

Ìṣẹ́jú àáyá 29 ni. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 13. Mo rí 16 tó kù gbà nínú ibi tí ìyá ti ń ka oríṣi agbọ̀n. Mẹ́fà ni wọ́n kà, mo fi méjì sílẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́ èyí náà, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí mo ń wá, nítorí náà mo pe ẹlòmíràn, ẹni tó ń ta káàdì níwájú ilé wa. Ó ní: “Wọ́n bá ìyá fi oògùn sí i láìmọ̀, ìyá dà á nù.”

---

Olóhùn_Ìkẹ́nnẹ́ · 8:20 àárọ̀

Èyí dára gan-an. Mo ń gba ọ̀nà ẹni tí kò gbọ́ ọ rí yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi. Ohun kan péré: o ti yọ èrò ìyá nípa ọ̀nà Kánò pátápátá. Ṣé kò ṣeé ṣe kí ìyá ní ìyẹn gan-an ni àwọn fẹ́ kí ayé gbọ́, pé kì í ṣe ìwà burúkú, ọ̀nà ló jìn?

---

Àdùkẹ́_Ṣágámù · 8:31 àárọ̀

Ó ṣeé ṣe. Mi ò rò ó débẹ̀.

---

Akọ̀wé_Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ · 9:00 àárọ̀

Àwọn tó ju wá lọ náà ti ṣubú síbẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ètò Panorama ti BBC so ìpín méjì nínú ọ̀rọ̀ tí Donald Trump sọ ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 pọ̀, bí ẹni pé ó sọ wọ́n tẹ̀ léra. Ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 50 ló wà láàrin wọn. Ẹnu rẹ̀ ni méjèèjì ti jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ síta lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ọ̀gá àgbà BBC, Tim Davie, àti ọ̀gá ìròyìn wọn, Deborah Turness, fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí olóòtú bá ti fi ohùn tirẹ̀ sọ láàrin méjèèjì pé “nígbà tó yá, ó tún ní”, ọ̀rọ̀ ì bá má rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, mo ti pinnu: ibi tí mo bá ti fo nǹkan, mo máa parí àmì àyọlò, kí n tó ṣí òmíràn.

---

Ìyá_Ìbejì_Ìpẹ́rù · 9:45 àárọ̀

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì sọ pé kí ìyá gbọ́ ọ kó tó jáde? Ẹni tó ń ta káàdì gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́ ọ. Ìyá tó ni ọ̀rọ̀ ò gbọ́ ọ.

---

Bàbá_Tépù · 10:30 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń yún mi. Nígbà tiwa, wọ́n kọ́ wa pé kí a má ṣe fún ẹni tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò láyè láti gbọ́ ọ ṣáájú. Bí ẹ bá fún olóṣèlú ní irú àyè yẹn, òun ni yóò di olóòtú. Ohun tó dára ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa kù, ibi tí o ti mú un á lọ. Mo ṣì dúró lórí ìyẹn fún ẹni tó ní àṣẹ lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n pe ẹni náà, kí n sọ ohun tí mo gbọ́ fún un, kí n bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Kì í ṣe pé kó yan èyí tí yóò jáde.

---

Ìyá_Ìbejì_Ìpẹ́rù · 10:52 àárọ̀

Ìyá olóbì kì í ṣe olóṣèlú. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé fún wọn, kò sí rédíò tí wọ́n lè lọ fi dáhùn. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

---

Bàbá_Tépù · 11:10 àárọ̀

Mi ò ní ìdáhùn sí ìyẹn, ìyá. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí a bá ní òfin kan fún olóbì, òmíràn fún olóṣèlú, olóṣèlú á wá sọ pé olóbì ni òun.

---

Àdùkẹ́_Ṣágámù · 11:40 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà méjèèjì, mo ti gbọ́. Mo pe ọmọ ìyá láàárọ̀ yìí. Lọ́jọ́bọ̀ ni mò ń lọ, mò ń gbé ẹ̀rọ dání. Mo máa fi tuntun yìí sí ìyá létí, mo sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè Olóhùn nípa ọ̀nà Kánò. Bí wọ́n bá fẹ́ kó wọlé, agbọ̀n méjì tó kù ló máa lọ.

Ọ̀gá mi gbà pé kí a tún un gbé jáde ní àkókò kan náà tí ti àkọ́kọ́ jáde, kì í ṣe lóru. Ohun tí mo kọ láti kà ṣáájú rẹ̀ nìyí, ẹ bá mi wò ó: “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gé ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ta obì ní Ṣágámù lọ́nà tó fi dà bíi pé wọ́n ń fi oògùn sí obì. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. A yọ ibi tí wọ́n ti ní àwọn ò mọ̀, àti ibi tí wọ́n ti ní àwọn kó o dànù. Àwa ni a ṣe é. Ẹ gbọ́ wọn báyìí.”

---

Ìyá_Ìbejì_Ìpẹ́rù · 12:03 ọ̀sán

Fi “wọ́n ní” náà kún un. Sọ fún wọn pé ẹ yọ “wọ́n ní”. Àwa tó wà lọ́jà, ìyẹn ló dé ọ̀dọ̀ wa.